Bí Mo Ṣe Tún Páálí Àlàyé Ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ Kọ fún Ọmọ Ọdún Mẹ́jọ

Ilẹ̀kùn ààfin kan wà lọ́wọ́ Mùsíọ́ọ̀mù Ilẹ̀ Bìrìtéènì ní Lọ́ńdọ̀nù. Igi ni, alápá méjì ni, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ló sì gbẹ́ ẹ fún Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Nígbà tí a fẹ́ kó àwọn ọmọ kíláàsì Yorùbá wa ti ọjọ́ Sátidé lọ wò ó, èmi ni wọ́n ní kí n kọ páálí kékeré kan tí ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò mú dání, tí yóò sì lè dá kà níwájú ilẹ̀kùn náà. Ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án ni wọ́n. Wọ́n ń gbọ́ Yorùbá nílé dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń gun òkè ni wọ́n ṣe ń kà á. Mo rò pé iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo sì rò pé ó yẹ kí n sọ ohun tí ó fa ìdádúró náà.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ kà á tán kí n tó bú ara mi:

"Ilẹ̀kùn alápá méjì tí a fi igi gbẹ́, èyí tí Ọlọ́wẹ̀ ti ìlú Ìsẹ̀, ìlú-mọ̀ọ́ká agbẹ́gilére ilẹ̀ Èkìtì, gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ láàárín ọdún 1910 sí 1914, tí ó sì ń ṣàfihàn bí ọba náà ṣe gba àlejò aṣojú ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì, Kápítẹ̀nì Áḿbúróòsì, kí a tó gbé e lọ sí ìpàtẹ Wẹ́ńbìlì ní ọdún 1924, níbi tí ó ti di ti mùsíọ́ọ̀mù nípasẹ̀ ìpààrọ̀."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Inú mi tilẹ̀ dùn sí i. Mo fi han ìyá ọmọ kan tí òun náà ń bá wa kọ́ àwọn ọmọ, ó kà á, ó tún un kà, ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn yìí, kí ló wá ṣe?" Mo ní kí ló dé. Ó ní òun ń dúró de ohun tí ilẹ̀kùn náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, òun sì dé ìdí rẹ̀ láìrí nǹkan kan.

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo ohun tí mo kọ yẹn kì í ṣe gbólóhùn. Orúkọ gígùn kan ni: ilẹ̀kùn tí báyìí, èyí tí báyìí, tí ó sì báyìí. Yorùbá gba irú èyí ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé "tí" kò wúwo lẹ́nu, a lè so ó mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àgbàlagbà tí ó ti mọ̀wé yóò gbé gbogbo rẹ̀ sọ́kàn títí yóò fi dé òpin. Ọmọ tí ó ń ka ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń ṣírò àmì ohùn orí wọn bí ó ti ń lọ, ti gbàgbé ilẹ̀kùn kí ó tó dé Èkìtì.

Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n ń kọ irú àlàyé yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì a máa ka iye ọ̀rọ̀. Ọgọ́ta ọ̀rọ̀ ni èmi náà sì kọ́kọ́ fi ṣe òdiwọ̀n. Òdiwọ̀n yẹn kò bá Yorùbá mu. Ọ̀rọ̀ wa kúrú, "gbé e wá fún un" ti di márùn-ún kí ó tó sọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni "ní ilẹ̀" jẹ́ méjì tí "nílẹ̀" sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà mo pa iye ọ̀rọ̀ tì, mo ń ka iye ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbé lọ́wọ́ kí ó tó mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan àti ohun tí ó ṣe. Bí ó bá ju méjì lọ, mo já gbólóhùn náà. Mo já, mo já, títí tí ó fi dà bí ìyẹn: Ọlọ́wẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí. Ọba Ìkẹ́rẹ́ ló gbẹ́ ẹ fún.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn kúkúrú nìkan kò tó. Ẹ̀yà kejì tí mo kọ kúrú dáadáa, síbẹ̀ orúkọ Ọlọ́wẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ibi tí wọ́n bí i ló tẹ̀ lé e, ìyẹn Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, lẹ́yìn náà bí ó ṣe lọ sí Ìsẹ̀ tí ó sì gbẹ́gi fún Arínjálẹ̀, ọba ìlú náà. Mo fi ọwọ́ bo àwòrán ilẹ̀kùn tí mo fi ń ṣiṣẹ́, mo tún páálí náà kà, ó sì yé mi láìsí ilẹ̀kùn rárá. Àléébù rẹ̀ nìyẹn. Bí ènìyàn bá lè ka páálí àlàyé kan ní yàrá tí ohun náà kò sí kí ó má sì pàdánù nǹkan kan, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe páálí àlàyé, ojú ìwé kan tí ó bọ́ lára ìwé ni. Ojú ọmọ ní láti kúrò lára páálí lọ sára igi ní gbólóhùn kìíní.

Kí ni ojú ọmọ yóò wá rí? Ẹ jẹ́ kí n ṣe àpèjúwe rẹ̀ díẹ̀. A pín apá kọ̀ọ̀kan ilẹ̀kùn náà sí ìpele ìpele láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn ènìyàn sì wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ní apá òsì, Ògògà jókòó lórí àga rẹ̀, adé wà lórí rẹ̀, olorì dúró sẹ́yìn rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, òyìnbó náà ń bọ̀: Kápítẹ̀nì Áḿbúróòsì, àjẹ́lẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán sí agbègbè náà. Kì í fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọkùnrin méjì ló gbé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àwọn tí wọ́n bá a rìn àti àwọn tí wọ́n ru ẹrù rẹ̀ sì wà ní ìpele mìíràn. Ọba kò dìde, kò kúrò níbi tí ó wà. Àlejò ni ó ń bọ̀ wá bá a.

Mo fi àwòrán náà han ọmọ mẹ́ta nínú kíláàsì kí n tó tún kọ nǹkan kan, láìsọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn. Ọmọkùnrin kan wo òyìnbó náà pẹ́, ó ní, "Ṣé kò lè rìn ni?" Ọmọbìnrin kan ní bóyá ara rẹ̀ kò yá. Mo ti ń ka ìwé lórí Ọlọ́wẹ̀ láti ọdún mélòó kan, n kò bi ara mi ní ìbéèrè yẹn rí. Bí mo ṣe rò ó sí i ni mo ń rí i pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà wà: ẹnì kan jókòó sí ààyè rẹ̀, wọ́n gbé ẹnì kejì bí ẹrù wá síwájú rẹ̀, agbẹ́gilére tí ó sì fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò ní kí a má fi wé ara wọn. Gbogbo "ṣàfihàn bí ọba náà ṣe gba àlejò aṣojú ìjọba amúnisìn" tí mo kọ ti bo èyí mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè kejì wá láti ẹnu ọmọkùnrin kan náà, òun ló sì wúlò jù. Ó fi ìka tọ àwọn ère náà, ó ní, "Gọ́ọ̀mù wo ni wọ́n fi lẹ̀ wọ́n?" Àwọn méjì yòókù kò rẹ́rìn-ín, àwọn náà ti gbà pé wọ́n lẹ̀ wọ́n ni. A kò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ère tí ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére máa ń gbẹ́ sára ilẹ̀kùn kì í yọ síta púpọ̀, bí ẹni pé ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pákó ni. Ti Ọlọ́wẹ̀ yàtọ̀. Orí àti èjìká àwọn ènìyàn rẹ̀ yọ síta débi pé àwọn kan nínú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára igi pátápátá, afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn ọrùn wọn kọjá. Orí ẹlòmíràn yí padà sí ẹni tí ó ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ ni pákó tí ó wà lẹ́yìn wọn kò sì wà lásán, ó fín in kún fún ìlà àti onígun kéékèèké, ó sì fi ọ̀dà kùn ún.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún wọn, ẹnu mi sì kọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń lò fún irú iṣẹ́ yìí gùn, kò sì sí èyí tí ọmọ ọdún mẹ́jọ yóò gbé lọ sílé nínú wọn. Ni mo bá mú ọṣẹ ìfọṣọ kan, irú èyí tí ó gùn tí ó sì nípọn, mo fi ọ̀bẹ ha ẹja kékeré kan sára rẹ̀. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ fa ìlà ẹja náà lásán, ẹja kò yọ. Nígbà tí mo gé ọṣẹ tí ó yí i ká kúrò, ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, bí mo sì ṣe ń gé e jinlẹ̀ tó ni ẹja ń ga tó. Èérún ọṣẹ kún orí tábìlì. Ọmọkùnrin náà ní, "Háà, ìyẹn ni pé igi náà nípọn tẹ́lẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Igi tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn àwọn ère ni ó di ilẹ̀kùn, èyí tí ó ti dà nù ní èérún ni a kò rí mọ́. Gbólóhùn méjì tí mo rí gbà nídìí ọṣẹ yẹn ni mo fi sí orí páálí láìyí wọn padà: Kò lẹ ère kankan mọ́ ọn. Igi tó yí àwọn ère ká ló gbẹ́ kúrò.

Ní ti orúkọ àti oyè, mo pinnu pé ọ̀rọ̀ tuntun kan ṣoṣo ni páálí yóò kọ́ ọmọ, mo sì fi àyè náà fún "Ògògà". "Aṣojú ìjọba amúnisìn" jáde, "àjẹ́lẹ̀" náà jáde bí ó tilẹ̀ dùn mí, nítorí ọ̀rọ̀ tí àwọn bàbá wa ń lò gan-an ni. Orúkọ Kápítẹ̀nì Áḿbúróòsì jáde, èyí kò sì dùn mí rárá. Orúkọ Ọlọ́wẹ̀ dúró. Kò kọ orúkọ sára iṣẹ́ rẹ̀, àwọn agbẹ́gilére wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀, oríkì ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa; ó kú ní 1938, síbẹ̀ ní 1988 ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì náà, wọ́n sì gbà á sílẹ̀. Ibi tí mo ti ṣe ojúsàájú nìyẹn.

Ọjọ́ orí ilẹ̀kùn kò gba àkókò. "Láàárín ọdún 1910 sí 1914" kò ní ìtumọ̀ kankan fún ẹni tí kò tíì mọ iye ọdún tí màmá rẹ̀ jẹ́. "Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn" ti tó.

Ibi tí ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìparí, bí ilẹ̀kùn ṣe kúrò ní Ìkẹ́rẹ́ tí ó fi dé Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan nínú wa ní kí a yọ ọ́ kúrò, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. N kò gbà. Ohun tí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ ń bèèrè nínú mùsíọ́ọ̀mù ní Lọ́ńdọ̀nù ni pé báwo ni nǹkan wa ṣe dé ibí, bí a kò bá sì dáhùn, yóò dá ara rẹ̀ lóhùn. Ìtàn náà kò sì díjú. Ní 1924 wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà wá sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wẹ́ńbìlì, láti fi ohun tí ó wà ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso han aráyé. Mùsíọ́ọ̀mù rí i, ó wù wọ́n. Ògògà kò tà á. Ó ní kí wọ́n ṣe àga ọba kan fún òun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe é, ilẹ̀kùn sì di tiwọn.

Iṣẹ́ wá kù sórí ọ̀rọ̀ ìṣe kan péré. "Wọ́n kó o" kì í ṣe òótọ́. Ohun tí wọ́n kó lẹ́rù ogun ni idẹ Bìní ní 1897, ọmọ tí ó bá gbọ́ "kó" nípa méjèèjì yóò pa wọ́n pọ̀. "Wọ́n rà á" kò rí bẹ́ẹ̀, owó kò yí ọwọ́. "Ọba fi tọrẹ" burú jù, nítorí pé ẹni tí ó tọrẹ kì í gba nǹkan. Mo wá kọ pé, "Ọba fi ilẹ̀kùn pààrọ̀ àga," ọkàn mi sì balẹ̀ fún odidi ọjọ́ méjì.

Ọmọbìnrin tí ó ní ara òyìnbó kò yá ni ó tú u ká. Ó kà á, ó ní òun àti àbúrò òun máa ń pààrọ̀ súìtì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bí Dádì bá ní kí n pààrọ̀ pẹ̀lú òun, mi ò lè ní rárá." Mo padà sídìí tábìlì. "Pààrọ̀" jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ojúgbà méjì ni wọ́n ló ṣe sọ ọ́. Ògògà lágbára débi tí ó fi lè kọ̀ láti tà, tí ó sì dárúkọ ohun tí òun ń fẹ́, kò yẹ kí a gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀ ẹni tí ó ń bá a dúnàádúrà wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba tí ó wà lórí rẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ìwé àgbà máa ń fi ojú ìwé mẹ́ta ṣàlàyé. Páálí ọmọdé kò ní ojú ìwé mẹ́ta, nítorí náà mo fi gbólóhùn kan síwájú ìtàn náà, pé àwọn òyìnbó ló ń ṣe ìjọba lórí Ìkẹ́rẹ́ nígbà náà, mo sì yọ "pààrọ̀" kúrò. Mo kàn sọ ohun tí olúkúlùkù ṣe, ní ṣísẹ̀ntẹ̀lé. Mo gbàgbọ́ pé gbólóhùn kéékèèké ló ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀: inú gbólóhùn gígùn àkọ́kọ́ yẹn ni mo ti rí ibi fi "nípasẹ̀ ìpààrọ̀" pamọ́ sí.

Bí páálí náà ṣe rí nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ nìyí:

"Wo ọba tó jókòó lápá òsì. Adé wà lórí rẹ̀. Ògògà ni wọ́n ń pè é: ọba ìlú Ìkẹ́rẹ́ ni.

Ní apá ọ̀tún, òyìnbó kan ń bọ̀ wá kí i. Kò fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọkùnrin méjì ló gbé e.

Ọlọ́wẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn yìí, ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Kò lẹ ère kankan mọ́ ọn. Igi tó yí àwọn ère ká ló gbẹ́ kúrò.

Nígbà náà, àwọn òyìnbó ló ń ṣe ìjọba lórí Ìkẹ́rẹ́. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà wá sí ìpàtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mùsíọ́ọ̀mù fẹ́ ẹ. Ọba ní kí wọ́n ṣe àga ọba fún òun. Wọ́n ṣe àga náà, wọ́n sì gba ilẹ̀kùn."

Ó fi díẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, ó ju ọgọ́ta tí mo kọ́kọ́ fẹ́ lọ, kò sì sí ọmọ tí ó kùn. Kí a tó tẹ̀ ẹ́, mo ní kí ọmọ méjì kà á sókè, mo ń fi lẹ́ẹ̀dì fa ìlà sí abẹ́ ibi tí wọ́n bá ti kọsẹ̀. Ibi méjì péré ni. Ọ̀kan ni "mọ́ ọn", tí wọ́n ń kà bí ẹni pé ó jẹ́ "mọ̀ ọ́n", ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi gbólóhùn, àmì ohùn ni wọ́n ń fò. Èkejì ni "ọgọ́rùn-ún", mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọsẹ̀ lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Wàhálà tòótọ́ wá láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Irú lẹ́tà tí a kọ́kọ́ yàn kò mọ àmì ohùn orí "ọ" àti "ẹ", ó gbé àmì náà sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, ó sì sọ òmíràn di àpótí kékeré òfìfo, tí "Ọlọ́wẹ̀" fi jáde bí ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká. Ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ Yorùbá fún ọmọdé, kí ó kọ́kọ́ tẹ ìlà kan tí ó ní ọ́, ọ̀, ẹ́, ẹ̀ àti ṣ nínú, kí ó wò ó lórí ìwé, kì í ṣe lójú kọ̀ǹpútà nìkan.

Ní ọjọ́ tí a lọ, ọmọkùnrin oní-gọ́ọ̀mù kò ka páálí rẹ̀ rárá. Ó ti lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sún mọ́ ògiri, ó di ojú kan, ó ń wo bí àwọn ère náà ṣe yọ síta láti ẹ̀gbẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ń ka páálí náà sókè lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò ka Yorùbá láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dé ìlà tí ó kẹ́yìn, ó dákẹ́, ó tún un kà, ó wá kọjú sí mi. "Àga náà ńkọ́?" ni ó ní. "Ṣé ó dára tó ilẹ̀kùn yìí?"